Mo kọ sin²x fún ∫ sin 2x dx, òdo ni mo gbà: ibo gan-an ni àṣìṣe náà wà?

Ọmọ Àpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. A ṣe ìdánwò kékeré kan nínú kálíkúlọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìbéèrè méjì tí wọ́n fa igi pupa sí nínú ìwé mi, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn kò yé mi títí di ìsinsìnyí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní kí a dífẹrẹ́ńṣíéètì y = sin²(3x). Mo kọ ọ́ pé dy/dx = 2 sin 3x cos 3x, mo sì sọ ọ́ di sin 6x. Máàkì kan ni wọ́n fún mi nínú mẹ́ta.

Ìbéèrè kejì ló ń dùn mí jù. ∫ sin 2x dx ni, ó sì ní máàkì mẹ́rin. Mo rántí pé sin 2x kò yàtọ̀ sí 2 sin x cos x, mo wá fi u rọ́pò sin x, du sì di cos x dx, gbogbo rẹ̀ wá di ∫ 2u du, tí í ṣe u². Nítorí náà, sin²x ni mo kọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Òdo ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Èyí tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó ni −½ cos 2x + C, wọ́n sì ní tèmi kò jọ ọ́ rárá, àti pé n kò tilẹ̀ kọ C. Nígbà tí mo délé, mo dífẹrẹ́ńṣíéètì sin²x padà, 2 sin x cos x ni mo rí, èyí tí í ṣe sin 2x tí wọ́n bi wá gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé C tí n kò kọ yìí nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, ṣé ó tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gba máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ ènìyàn? Ṣé kí n gbé ìwé náà padà tọ̀ wọ́n lọ, àbí kí n gbà bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Ìwó Róòdù

Àbúrò, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ ló jàre. Ìdáhùn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà, kò sì ṣòro láti fi hàn. Fi 0 sí ipò x nínú méjèèjì: tìrẹ yóò fún ọ ní 0, tiwọn yóò fún ọ ní −½. Fi π/2 sí i: tìrẹ yóò di 1, tiwọn yóò di ½. Ìdáhùn méjì tí kò bára wọn pàdé níbi kankan kò lè tọ̀nà pa pọ̀. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé o yí sin 2x padà kí o tó íńtígíréètì rẹ̀, o sì sọ 2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ x nù lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ C kọ́ nìyẹn, torí ohun tí wọ́n kàn máa ń kọ sí ìparí ni C; bí o tilẹ̀ kọ ọ́, àṣìṣe rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Bọ̀dá, iye tí ẹ ṣírò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ tètè pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ kí a yọ tiwọn kúrò nínú ti ọmọ yìí níbi méjèèjì tí ẹ ti wò ó. Nígbà tí x jẹ́ 0, tí a bá yọ −½ kúrò nínú 0, ½ ni yóò kù. Nígbà tí x jẹ́ π/2, tí a bá yọ ½ kúrò nínú 1, ½ náà ni yóò kù. Ẹ tún bá mi fi π/4 sí i: sin²x yóò fún wa ní ½, −½ cos 2x yóò fún wa ní 0, ½ ló sì tún kù. Ibikíbi tí ẹ bá wù kí ẹ wò, ½ ni ẹ ó máa bá. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì kò pàdé níbi kankan, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn kì í fẹ̀ sí i, kì í sì í sún kì. Bí ẹ bá ya wọ́n sórí gíráàfù, ìlà kan náà ni ẹ ó rí lẹ́ẹ̀mejì, tí a gbé ọ̀kan sókè ju èkejì lọ.

Ibi tí ½ yìí ti wá kò pamọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé cos 2x = 1 − 2 sin²x. Tí a bá fi −½ sọ apá méjèèjì di púpọ̀, a ó rí i pé −½ cos 2x = −½ + sin²x, èyí tó túmọ̀ sí pé sin²x = −½ cos 2x + ½. Àbúrò, ìdáhùn tìrẹ wà nínú ìdáhùn olùkọ́ rẹ; òun ni èyí tí C rẹ̀ jẹ́ ½. O kò sọ 2 kankan nù lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀, nítorí pé ibí yìí gan-an ni a ti rí i pé C kì í ṣe ohun tí a kàn fi parí gbólóhùn. Nígbà tí wọ́n kọ ∫ sin 2x dx láìfi ààlà sí i, wọn kò béèrè fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo fọ́ńṣọ̀n tí a bá dífẹrẹ́ńṣíéètì tí yóò fún wa ní sin 2x ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra, ọ̀kan lókè èkejì láìlópin. Ẹni tó bá kọ sin²x lásán ń sọ pé eléyìí nìkan ló wà. Bí olùkọ́ rẹ náà bá gbàgbé C tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì yóò dúró lórí pé ìdáhùn ìbéèrè kan náà ni ẹ ní, a ó sì kọ ọ́ pé sin²x = −½ cos 2x; bí a bá wá fi 0 sí ipò x, 0 yóò di −½ mọ́ wa lọ́wọ́. C ni kò jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí o kọ ni sin²x + C, olùmáàkì tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà á láìjẹ́ pé ó jọ tirẹ̀.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, mi ò lè bá ọ jà fún un. Fọ́ńṣọ̀n náà ní ìpele mẹ́ta, o sì dúró sí èkejì. Bí a ṣe máa ń kọ sin²(3x) wà lára ohun tó ń da àwọn ọmọ láàmú, nítorí pé 2 náà dúró sí àárín bí ẹni pé ara sin ni. Tún un kọ báyìí kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun: [sin(3x)]². Pawa 2 ló wà lóde pátápátá, sin ló tẹ̀ lé e, 3x ló wà nínú lọ́hùn-ún. Ó dà bí ẹni tó wọ agbádá lé bùbá, tó sì wọ bùbá lé síńgílẹ́ẹ̀tì: bí o bá fẹ́ dé ara rẹ̀, o gbọ́dọ̀ bọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní títò-tẹ̀léra láti òde wọlé. Pawa fún ọ ní 2 sin 3x, sin fún ọ ní cos 3x, 3x fúnra rẹ̀ sì fún ọ ní 3. Bí o bá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, 6 sin 3x cos 3x ni, tàbí 3 sin 6x. Ìwọ kọ sin 6x. 3 inú lọ́hùn-ún ni o fi sílẹ̀.

Mo sì rí ohun tó fà á tí o kò fi fura. Nígbà tí o dífẹrẹ́ńṣíéètì sin²x padà nílé, ìdáhùn rẹ tọ̀nà, nítorí pé x nìkan ló wà nínú lọ́hùn-ún níbẹ̀, ìdífẹrẹ́ńṣíéètì x sì jẹ́ 1, tí kò yí ohunkóhun padà bí a bá gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń fo ìpele tó kẹ́yìn kì í mọ̀ pé òun ń fò ó, títí tí ohun mìíràn bí 3x yóò fi jókòó síbẹ̀.

Ọmọ Àpáta

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ti ìbéèrè kejì ti yé mi. Ní ti àkọ́kọ́, ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí mo fi lè mọ̀ nínú yàrá ìdánwò pé mo ti fo ìpele kan? Bí mo bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ni n ó máa rí, nítorí pé bí mo ṣe fò ó lákọ̀ọ́kọ́ náà ni n ó ṣe fò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Ó wà, kò sì ju kí o tẹ kakulétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìdífẹrẹ́ńṣíéètì kì í ṣe ohun mìíràn ju bí y ṣe ń yára yí padà tí x bá sún díẹ̀. Nítorí náà, sún x díẹ̀, kí o wò ó. Nígbà tí x jẹ́ 0.1, sin²(0.3) jẹ́ 0.08733. Nígbà tí x jẹ́ 0.11, sin²(0.33) jẹ́ 0.10500. Y fi 0.01767 gòkè nígbà tí x fi 0.01 sún, nítorí náà, bí o bá pín in, 1.767 ni. Wá lọ sí ìdáhùn rẹ, kí o fi x tó wà láàárín àwọn méjèèjì sí i, tí í ṣe 0.105: sin 6x di sin 0.63, èyí tí í ṣe 0.589. Kò tilẹ̀ sún mọ́ 1.767. Bí o bá pín 1.767 sí ọ̀nà 0.589, 3 ni ó máa fún ọ, èyí tó tọ́ka sí ohun tí o gbàgbé gan-an. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìlọ́po nọ́ńbà kan gbọọrọ báyìí, ìpele inú lọ́hùn-ún ló sábà máa ń jẹ́.

Kékeré Bódìjà

Ẹ dákun, Mà, mo ṣe ohun tí ẹ sọ yìí lórí kakulétọ̀ mi, 0.000576 ni mo rí dípò 1.767. Kò bá ìdáhùn Ọmọ Àpáta mu, kò sì bá tiyín mu. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ni.

Ẹnjiníà Ọjọ́ọ̀

Wo òkè ojú kakulétọ̀ rẹ, àbúrò. Ó dá mi lójú pé lẹ́tà D kékeré ni o ó rí níbẹ̀, tí í ṣe pé orí dìgírì ló wà. Gbé e bọ́ sórí rédíànì, kí R jáde, lẹ́yìn náà kí o tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo òfin tí a ń lò fún ìdífẹrẹ́ńṣíéètì sin àti cos, orí rédíànì nìkan ni wọ́n ti tọ̀nà láìfi ohunkóhun kún un.

Kékeré Bódìjà

D ni lóòótọ́. Mo ti yí i padà, 1.767 ti jáde. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Ayọ̀ Ṣáńgo

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò sì mọ ohun tí gbogbo yín ń jà sí. Wọ́n ti kọ́ wa pé C máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá íńtígíréètì sin 2x láti 0 dé π/2, tí ẹ fi sin²x ṣe é, 1 yọ 0 ni, tí í ṣe 1. Bí ẹ bá fi −½ cos 2x ṣe é, ½ yọ −½ ni, 1 náà ni. Ẹ fi C sí i o, ẹ yọ ọ́ kúrò o, 1 ni. Òdo tí wọ́n fún ọmọ yìí kò tọ̀nà rárá, kí ó gbé ìwé rẹ̀ lọ bá olórí ẹ̀ka wọn.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Ayọ̀, ohun tí o ṣe tọ̀nà fún ìbéèrè mìíràn. Tún padà ka ohun tí wọ́n bi ọmọ náà: kò sí 0 nísàlẹ̀ àmì íńtígíréṣọ̀n yẹn, kò sì sí π/2 lókè rẹ̀. Níbi tí ààlà bá wà, a ó yọ iye ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, C tó wà nínú méjèèjì yóò sì pa ara rẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọ ọ́. Níbi tí kò ti sí ààlà, kò sí ohun tí yóò pa á rẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ti alààlà tán ni wọ́n máa ń gbàgbé C jù nínú èyí tí kò ní ààlà, nítorí pé ọwọ́ wọn ti mọ́ kí wọ́n máa fò ó.

Ẹnjiníà Ọjọ́ọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá, nítorí pé ó lòdì sí ti ọmọ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́, mo kọ C, wọ́n sì tún fún mi ní òdo. Ìbéèrè náà ni dy/dx = 2xy, wọ́n sì sọ pé y jẹ́ 3 nígbà tí x jẹ́ 0. Mo kó y sí apá kan, x sí apá kejì, mo íńtígíréètì méjèèjì, ln y = x² ni mo rí, mo sì yí i sí y = e^(x²). Mo rántí C nígbà tí mo parí, mo sì so ó mọ́ ìdí rẹ̀: y = e^(x²) + C. Níwọ̀n bí y ti jẹ́ 3 nígbà tí x jẹ́ 0, C di 2, mo sì kọ y = e^(x²) + 2. Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo ṣẹ̀ wọ́n, nítorí pé y náà jẹ́ 3 lóòótọ́ nígbà tí x jẹ́ 0 nínú ìdáhùn mi.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Ẹnjiníà, inú mi dùn pé ẹ mú èyí wá, nítorí pé ó burú ju ẹni tó gbàgbé C pátápátá lọ. C kì í wọlé nígbà tí ó bá wù wá. Ìgbà tí a bá yọ àmì íńtígíréṣọ̀n kúrò ló ń wọlé, ní ìlà yẹn gan-an. Ìlà tí ẹ kọ ln y = x² sí ni ibi tí ó yẹ kí ó ti wà: ln y = x² + C. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e sórí e, C ń bá x² lọ sókè, y yóò di e^(x² + C), tí í ṣe e^C tí a fi sọ e^(x²) di púpọ̀. E^C náà kò kúrò lójú kan, nítorí náà a lè pè é ní A, kí a sì kọ y = A e^(x²). Bí y bá jẹ́ 3 nígbà tí x jẹ́ 0, A jẹ́ 3, ìdáhùn sì jẹ́ y = 3e^(x²). Ẹ rí i pé C tiwa kò ṣe ìròpọ̀ mọ́ nígbà tó dé ìparí. Ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣe.

Bí ìdáhùn méjèèjì ti jọ bẹ̀rẹ̀ láti orí 3, ẹ kò lè rí àṣìṣe náà níbẹ̀. Ẹ fi 1 sí ipò x: tiyín yóò jẹ́ 4.718, èyí tó tọ̀nà yóò jẹ́ 8.155. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní ìdáhùn tó tọ̀nà lọ́wọ́ láti fi wé e, ẹ dá tiyín padà sínú ìbéèrè. Ẹ dífẹrẹ́ńṣíéètì e^(x²) + 2: òfin ṣéènì yóò fún yín ní 2x e^(x²), 2 náà yóò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ní kí ó jẹ́ 2xy, èyí tí í ṣe 2x e^(x²) pẹ̀lú 4x. 4x ni kò níbi tó ń gbé. Òun ló ń sọ fún yín pé C wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹnjiníà Ọjọ́ọ̀

Há! 4x yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi rò pé olùkọ́ náà ló kórìíra mi. Ẹ ṣeun, Mà.

Bọ̀dá Ìwó Róòdù

Mo gbà pé mo tètè dájọ́ lórí ti sin²x, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n n ó fún àbúrò ní ọ̀nà ìrọ̀rùn kan tí kò ní jẹ́ kí ó tilẹ̀ ní láti yí sin 2x padà rárá. Bí òfin ṣéènì ṣe ní kí a fi ìdífẹrẹ́ńṣíéètì ohun tó wà nínú sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà tí a bá ń lọ, kí a kàn fi í pín in nígbà tí a bá ń bọ̀. Sin 2x, íńtígíréètì sin jẹ́ −cos, ohun tó wà nínú jẹ́ 2x, ìdífẹrẹ́ńṣíéètì rẹ̀ jẹ́ 2, fi 2 pín in: −½ cos 2x + C. Ìlà kan péré. Kò sí èyí tí kò ṣe é ṣe fún.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Bọ̀dá, ìdajì ọ̀nà ni ẹ tún fi ọmọ yìí sí. Ìpín yẹn ń ṣiṣẹ́ fún 2x, fún 5x − 1, àti fún gbogbo ohun tí ìdífẹrẹ́ńṣíéètì rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà lásán. Bí x bá ṣì wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ fi pín in, ó ti bàjẹ́. Ẹ gbé ∫ (x² + 1)² dx. Ní ọ̀nà tiyín, ẹ ó gbé pawa sí 3, ẹ ó fi 3 àti 2x pín in, ẹ ó sì kọ (x² + 1)³/(6x) + C. Fọ́ńṣọ̀n tí wọ́n fún yín kò ní wàhálà kankan nígbà tí x jẹ́ 0, ṣùgbọ́n ìdáhùn yín ti ń fi 0 pín 1. Èyí nìkan tó láti fi mọ̀ pé ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tó yẹ ni kí ẹ tú àkámọ́ náà sí x⁴ + 2x² + 1, kí ẹ sì íńtígíréètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: x⁵/5 + 2x³/3 + x + C.

Ìdí rẹ̀ ni pé 6x tí ẹ fi pín in náà ń yí padà pẹ̀lú x. Bí ẹ bá dífẹrẹ́ńṣíéètì ìdáhùn yín láti yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà yóò bí ohun tirẹ̀ kún un, kò sì ní jẹ́ kí ẹ padà sí (x² + 1)².

Alàgbà Òkè-Àdó

Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún máàkì ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí máàkì tí ọmọ yìí béèrè nípa rẹ̀, nítorí pé gbogbo yín ti sá fún un. Nínú ìlànà ìmáàkì irú èyí tí WAEC ń lò, a máa ń ya máàkì ọ̀nà, tí a fi lẹ́tà M kọ, sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì ìdáhùn tó tọ̀nà, tí a fi A kọ. Ọmọ yìí yí sin 2x padà bó ṣe tọ́, ó fi u rọ́pò sin x bó ṣe tọ́, ó sì íńtígíréètì 2u bó ṣe tọ́. Òdo kò ṣe é gbà fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àyàfi tí kò bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó jẹ́ pé ìdáhùn lásán ló fi sínú ìwé. Ọmọ Àpáta, ṣé o kọ ìlà tí o ti rọ́pò u sínú ìwé náà, àbí orí takadá ìdọ̀tí ni o ti ṣe é?

Ọmọ Àpáta

Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí, Bàbá. Ìlà mẹ́rin ni, u àti du wà níbẹ̀.

Alàgbà Òkè-Àdó

Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà bá wà níwájú mi, máàkì ọ̀nà yóò jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n máàkì ìdáhùn kò ní bọ́ sọ́wọ́ rẹ, mi ò sì ní gbọ́ àwáwí kankan lórí rẹ̀. Ohun tí ìdáhùn ń béèrè ni gbogbo fọ́ńṣọ̀n, ọ̀kan ni o mú wá.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Lórí èyí, mo máa ń yọ máàkì kan péré, bí mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn náà bá ní máàkì méjì nínú mẹ́rin, tí ẹ sì gba méjèèjì lọ́wọ́ ọmọ nítorí C, ẹ ti fi ìyà kan náà jẹ ẹni tó mú sin²x dé àti ẹni tó kọ cos²x. Àwọn méjì yẹn kò dọ́gba. Ìdífẹrẹ́ńṣíéètì cos²x jẹ́ −sin 2x, C kankan kò sì lè tún un ṣe.

Alàgbà Òkè-Àdó

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn púpọ̀ bá ń máàkì ìwé kan náà, ohun tí ìlànà bá wí ni a ń ṣe, kí ọmọ kan má baà gba mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ, kí òmíràn tó kọ ohun kan náà sì gba méjì lọ́wọ́ mi. Ìdánwò inú kíláàsì nìyí, olùkọ́ rẹ̀ ló ni ìlànà.

Ìyá Olùkọ́ Mọ́kọ́lá

Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́, a ò ní bára wa jà lórí rẹ̀. Ọmọ Àpáta, bí o bá ń lọ, má ṣe lọ ka ìwé fún olùkọ́ rẹ. Kọ ìlà méjì sórí pépà kan: cos 2x = 1 − 2 sin²x lókè, sin²x = −½ cos 2x + ½ nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọn dáadáa, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá ọ wo iṣẹ́ rẹ bóyá máàkì ọ̀nà wà níbẹ̀. Fúnra rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ pé o kò kọ C, kí wọ́n tó sọ ọ́. Má sì mẹ́nu kan ìbéèrè àkọ́kọ́ o, nítorí pé bí wọ́n bá tún un wò, mi ò mọ̀ bóyá máàkì kan tí wọ́n fún ọ níbẹ̀ yóò dúró.

Kékeré Bódìjà

Mà, kí ló dé tí kò fi ní dúró? 2 sin 3x cos 3x tó kọ́kọ́ kọ, ṣebí ìpele méjì nínú mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Alàgbà Òkè-Àdó

Torí pé nínú ìlànà tí èmi mọ̀, ẹni tí kò bá lo òfin ṣéènì dé òpin kò tíì lò ó. Ìyá Olùkọ́ lè fún un ní ọ̀kan. Èmi ò ní fún un.

Ọmọ Àpáta

Mo ti gbọ́, Bàbá. Ìbéèrè kejì nìkan ni n ó gbé lọ.